Ìró gángan tó gba owó ìkànnì mi, àti ẹ̀rí tó dá a padà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ àdàkọ kan fídíò àwọn lórí YouTube, YouTube fúnra rẹ̀ ló máa jókòó gbọ́ ẹjọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tako ẹ̀sùn náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn yín gan-an ni wọ́n máa gbé àtakò yín lọ, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bóyá òun fara mọ́ ọn tàbí òun kò fara mọ́ ọn. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀rí tí ẹ bá kó jọ, ẹni tí owó yín ń wọ àpò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kà á. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo tó mọ irú ẹ̀rí tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ àti irú èyí tí kò wúlò.

Kubwa ni mo ń gbé, ní Abuja. Fídíò tí mo ń ṣe dá lórí àwọn ọjà ìlú yìí àti àyíká rẹ̀, èdè Yorùbá ni mo sì fi ń ṣe é: bí a ṣe ń ra èso ní Zuba, bí a ṣe ń mọ pákó tó gbẹ dáadáa ní Dei-Dei, bí ẹni tí kò gbọ́ Hausa ṣe lè dúnàádúrà ní ọjà Kubwa láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ìró gángan ló ń ṣíwájú fídíò kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 14 péré. Bàbá onígángan kan tó máa ń lùlù níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ àwọn Yorùbá níbí ló lù ú fún mi ní ọdún 2022, nínú pálọ̀ wọn. Máìkì méjì ni mo gbé síwájú wọn, mo sì fi fóònù ya fídíò wọn bí wọ́n ṣe ń lù ú. Lẹ́yìn náà la kọ ìwé àdéhùn ojú ewé kan: àwọn ló ni ìlù náà, wọ́n yọ̀ǹda kí n máa lò ó nínú gbogbo fídíò mi títí láé, wọn kò sì tíì fún ẹlòmíràn láṣẹ láti gbé e jáde. Àwa méjèèjì buwọ́ lù ú, mo sì fi owó ránṣẹ́ sí báńkì wọn.

Ní ọdún 2024, orin kan jáde tí ìró gángan yẹn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan kọrin lé e lórí, ó sì gbé e fún iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn olórin pín orin kiri orí ayélujára. Iléeṣẹ́ náà fi orin yìí sínú Content ID, ìyẹn ẹ̀rọ tí YouTube fi ń wá ohùn tàbí àwòrán tó bá jọ ti oníṣẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé orin síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní yẹ fídíò tuntun nìkan wò, yóò padà sí ti àtijọ́ pẹ̀lú. Kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Bí fídíò tí mo ti gbé jáde ní 2022 ṣe di èyí tí wọ́n ní mo jí láti inú orin ọdún 2024 nìyẹn, òun àti gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo ṣí YouTube Studio, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tò lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lábẹ́ `Restrictions`: `Copyright`. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń já èèyàn láyà, ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀. Ẹ̀sùn Content ID kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú `Copyright strike`. Strike máa ń wá nígbà tí ẹnìkan bá fi ìwé ránṣẹ́ lábẹ́ òfin pé kí wọ́n yọ fídíò yín kúrò, mẹ́ta rẹ̀ láàárín ọjọ́ 90 sì lè pa ìkànnì rẹ́. Ní ti irú ẹ̀sùn Content ID tí wọ́n fi kàn mí, fídíò ṣì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń wò ó, ìpolówó ọjà ṣì ń jáde lórí rẹ̀, àmọ́ àpò ẹlòmíràn ni owó ìpolówó náà ń lọ. Wọn kò yọ ìkànnì mi kúrò nínú ètò àjọpín owó. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé kò sí fídíò kan tí gángan yẹn kò sí, kí ló ṣẹ́ kù tó ń pa owó wọlé?

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ìwé náà ń fi lọ èèyàn ni pé kó gé ibi tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kúrò (`Trim out segment`) tàbí kó fi orin míì rọ́pò rẹ̀ (`Replace song`). Ó yá, ó sì rọrùn, ẹ̀sùn náà yóò sì kúrò. Tó bá jẹ́ pé orin olórin lẹ lò lóòótọ́, ẹ gé e. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan fídíò tó pẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Fídíò yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí yín. Tí ẹ bá gé ìlù kúrò nínú rẹ̀, ẹ ti gé ohun tó ń fi hàn pé ìlù náà ti wà níta kí orin oníyẹn tó jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ márùn-ún. Tí ẹ bá tako ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 5 tó wọlé, wọ́n á dá owó fídíò náà dúró sọ́tọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá jàre níkẹyìn ni wọ́n á sì fún. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 5, láti ọjọ́ tí àtakò yín wọlé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá a dúró, èyí tó ti lọ ṣáájú ti lọ nìyẹn. Mo mú fídíò tó pẹ́ jù, mo mú àwọn tó ń mú owó wọlé jù kún un, mo sì tako ẹ̀sùn orí wọn kí ọjọ́ 5 tó pé. Àwọn kéékèèké yòókù, mo fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín lè fi ìwé ìyọkúrò fèsì sí àtakò, strike sì lè tẹ̀ lé e. N kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un lórí gbogbo fídíò mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lọ́yà ní Garki. Fọ́ọ̀mù náà ní kí èèyàn mú ìdí kan: bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, bóyá ó ní àṣẹ ìlò, bóyá òfin gbà á láyè láti lo díẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí pé iṣẹ́ náà ti di ti gbogbo ayé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí èmi ni mo sanwó ìlù yẹn, èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni kí n mú?"

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Àbúrò, owó tí o san kò sọ ìlù di tìrẹ. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa ti 2022 sọ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan míì. Kí ni ìwé tìrẹ sọ?"

Mo ní ó sọ pé Bàbá ló ni ín, wọ́n kàn yọ̀ǹda fún mi ni.

"Tóò, `License` ni kí o mú. Ohun tí ìwé rẹ bá sọ ni kí ẹnu rẹ náà sọ."

Ìmọ̀ràn yìí ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró. Tí mo bá ti mú `Original content`, tí mo wá fi ìwé tó sọ pé ẹlòmíràn ló ni ìlù tì í lẹ́yìn, ẹ̀rí mi ni wọ́n á fi bì mí ṣubú. Mo sì ti rí àwọn tó máa ń kọ sínú àtakò pé "orin yìí kì í ṣe tèmi, mi ò ní in lọ́kàn láti rú òfin." Gbólóhùn yẹn ti jẹ́wọ́ fún ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n kó tó ka ìyókù.

Láti Garki, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo kọrí sí, nítorí pé àwọn ló ni ìlù, lẹ́tà láti ọwọ́ wọn ló sì máa wúwo jù. Mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹnìkan ti fi ìlù yín kọrin o, ó wá ní tòun ni." Wọ́n ní kí n gbé e sí i káwọn gbọ́. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ etí, wọ́n di ojú. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n là ojú, wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ hóònù yẹn?"

Mi ò gbọ́ hóònù kankan. Wọ́n ní kí n gbọ́ ọ dáadáa, ní ibi tí ìlù ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó tún gòkè. Mo fi nǹkan ìgbọ́hùn sétí. Lóòótọ́, lábẹ́ ohùn akọrin náà, hóònù kan dún pín-ìn, ó kéré, ó sì tètè lọ.

"Kẹ̀kẹ́ NAPEP tó kọjá níwájú ilé mi lọ́jọ́ tí a ń gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Mo rántí pé mo bojú wo fèrèsé."

Mo padà sílé, mo ṣí fáìlì tí máìkì méjèèjì gbà sílẹ̀. Hóònù náà wà nínú àwọn méjèèjì, ní ìṣẹ́jú àáyá kẹsàn-án. Mo ṣí fídíò tí mo fi fóònù yà. Bí hóònù ṣe dún, Bàbá yí ojú sí ọ̀nà fèrèsé, ọwọ́ wọn kò sì kúrò lórí ìlù. Ẹlòmíràn lè lu ìlù tó jọ ti Bàbá, ó tiẹ̀ lè lù ú bákan náà. Ṣùgbọ́n kò sí bí kẹ̀kẹ́ kan ṣe máa kọjá ní Kubwa, kí hóònù rẹ̀ tún dún ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà nínú situdio ẹlòmíràn ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Nítorí náà, tí ẹ bá ní fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò tíì tún ṣe, ẹ wá ariwo inú rẹ̀: ikọ́, ilẹ̀kùn tó dún, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ibi tí ọwọ́ ti ṣi. Àwọn nǹkan tí èèyàn máa ń fẹ́ pa rẹ́ ni wọ́n máa ń jẹ́rìí jù.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ ẹ̀rí nù. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ fáìlì kò ní láárí, torí pé ó lè yí padà tí ẹ bá ṣe àdàkọ fáìlì tàbí tí ẹ bá tún un ṣe. Èyí tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì fúnra rẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹni tó bá ní `ffprobe`, ìyẹn ètò tó ń ka àlàyé inú fáìlì fídíò, lórí kọ̀ǹpútà lè fi àṣẹ yìí wò ó:

```
ffprobe -v error -show_entries format_tags=creation_time ilu-baba.mp4
```

Ohun tó gbé jáde fún mi ni `TAG:creation_time=2022-03-12T15:42:10.000000Z`. `Z` tó wà ní ìparí rẹ̀ ń sọ pé aago àgbáyé ló lò, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà, ìyẹn ni pé nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún ní Kubwa. Mo ṣàlàyé èyí nínú ìwé mi kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé aago tí mo kọ kò bá ti Bàbá mu. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti gba fídíò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fídíò lásán pọ̀ kó lè fúyẹ́, ọjọ́ tó fara sin yẹn sì máa ń bá a lọ.

Àmọ́ ẹni tó gbọ́n lè yí ọjọ́ inú fáìlì padà pẹ̀lú. Èyí tó lágbára jù ni ọjọ́ tí ẹ gbé fídíò jáde lórí YouTube, torí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo wá ojú ewé orin tí wọ́n fi fẹ̀sùn kàn mí. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú `Provided to YouTube by`, ẹ ó sì rí `Released on:` nísàlẹ̀. Ẹ kíyè sára níbẹ̀: ọjọ́ tó wà níwájú `Released on:` jẹ́ èyí tí ẹni tó gbé orin wá sọ, ó sì lè sọ ọjọ́ tó wù ú. Nítorí náà mo tún wo nọ́ńbà ISRC orin náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n máa ń fún orin, lórí `isrcsearch.ifpi.org`. Nọ́ńbà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì, àmì mẹ́ta á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà méjì tó dúró fún ọdún tí wọ́n fún orin ní nọ́ńbà, kí márùn-ún ìgbẹ̀yìn tó wá. Ti orin yìí jẹ́ `24`. Kì í ṣe pé ó fi ọdún tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ hàn, ọdún tí wọ́n fún un ní nọ́ńbà nìkan ló ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò mi ti 2022, àlàyé wá kù sọ́wọ́ wọn.

Fọ́ọ̀mù tí mo kún kò ní àyè tí mo lè so fáìlì mọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló gbà. Nítorí náà mo kó ẹ̀rí sínú fódà kan lórí Google Drive, mo ṣí i fún ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì rẹ̀, mo sì fi líǹkì náà sínú ọ̀rọ̀ mi. Ìwé àdéhùn wà níbẹ̀, lẹ́tà tuntun tí Bàbá buwọ́ lù wà níbẹ̀, fáìlì máìkì méjèèjì, fídíò fóònù, àti rìsíìtì owó tí mo san, tí mo ti fi dúdú pa nọ́ńbà àkáǹtì Bàbá àti tèmi rẹ́. N kò fi káàdì NIN ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹni tó ń bá yín jà ló máa ṣí fódà yẹn, ẹ rántí.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ kò gùn, nítorí pé ẹni tó máa kà á nínú iléeṣẹ́ náà lè ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ níwájú lọ́jọ́ kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ohun tó sì sọ nìyí: Ìlù ìṣẹ́jú àáyá 14 tí ẹ fẹ̀sùn kàn, Bàbá onílù ló ni ín, ìwé tí wọ́n fi fún mi láṣẹ nìyí. Ó ti wà níta nínú fídíò yìí láti 2022, ọdún 2024 ni nọ́ńbà orin yín. Ẹ gbọ́ hóònù ní ìṣẹ́jú àáyá kẹsàn-án nínú fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ tún gbọ́ ọ nínú orin yín. Bó bá sì jẹ́ pé oníbàárà yín ra ìlù náà lọ́wọ́ ẹnìkan láìmọ̀ pé wọ́n jí i ni, síbẹ̀ kò yẹ kó wà nínú Content ID, nítorí pé ohun tí èèyàn dá nìkan ní ẹ̀tọ́ sí ni YouTube gbà kí wọ́n fi síbẹ̀. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Ó fún iléeṣẹ́ náà ní ọ̀nà láti yọ ẹ̀sùn kúrò láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pe oníbàárà wọn ní olè.

Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fèsì. Tí wọn kò bá sọ nǹkan kan títí ọjọ́ náà fi pé, ẹ̀sùn á kúrò fúnra rẹ̀. Lórí fídíò tó pẹ́ jù, wọ́n fèsì: wọ́n kọ àtakò mi, wọn kò sọ ìdí. Lórí àwọn yòókù, wọn kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́. Ìwé Bàbá wà níwájú wọn, ìbuwọ́lùwé Bàbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe ìdájọ́, wọ́n lè ṣe é láìṣí fódà rárá. Ohun tó kù ni ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní `Appeal`, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ẹ ó fi orúkọ yín gan-an àti àdírẹ́sì sílẹ̀. Ọjọ́ 7 péré ni ẹnì kejì ní láti fèsì, kò sì lè kàn tún sọ pé òun kò gbà mọ́: ó ní láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀, tàbí kó fi ìwé ìyọkúrò ránṣẹ́ lábẹ́ òfin, tí strike á fi wọ ìkànnì yín. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí, kó dúró síbí. Èmi ní ẹ̀rí, ẹ̀gbọ́n mi ní Garki sì ti ka gbogbo rẹ̀. Mo pe ẹjọ́ lórí fídíò kan ṣoṣo yẹn kí ọjọ́ 5 tó pé lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ ọ́, nítorí pé òfin ọjọ́ 5 lórí owó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan náà, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹ̀tọ́ àdàkọ iléeṣẹ́ náà, tí wọ́n kọ sí ojú òpó ara wọn. Mo tún fi líǹkì fódà síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ orin àti ISRC rẹ̀. N kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi fídíò mi sílẹ̀ nìkan, mo ní kí wọ́n yọ orin náà kúrò nínú Content ID. Tí orin bá ṣì wà níbẹ̀, fídíò tuntun tí mo bá gbé jáde lọ́la yóò tún bọ́ sí i lọ́wọ́, mo sì máa bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Wọ́n fi ẹ̀sùn orí fídíò àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ 7 tó pé. Ímeèlì wọn tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn ti yọ orin náà kúrò nínú Content ID, ẹ̀sùn orí àwọn fídíò yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó gbogbo fídíò tí mo ti tako ẹ̀sùn orí wọn kí ọjọ́ 5 tó pé padà sọ́dọ̀ mi pátápátá. Owó àwọn kéékèèké tí mo fi sílẹ̀ kò padà, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń fi wọ́n sílẹ̀.

Èmi àti Bàbá ti tún ìwé àdéhùn wa kọ. A fi gbólóhùn kan kún un pé tí ẹnikẹ́ni bá fi ìlù náà fẹ̀sùn kàn mí, Bàbá á fún mi ní lẹ́tà ìjẹ́rìí, èmi náà á sì fi fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, nítorí pé ẹ̀tọ́ tiwọn ni ẹni yẹn kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ní ti orin náà, ó ṣì wà lórí àwọn ojú òpó míì, ìlù Bàbá ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn àti lọ́yà wa ló ń bá ìyẹn lọ báyìí.